Ìsọníṣókí Ìwé Àlàyé Oògùn Ibà: Ohun Tí Ó Ṣeé Yọ àti Ohun Tí Kò Ṣeé Yọ

Ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí oògùn ni à ń pè ní ìwé àlàyé oògùn, inú rẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe oògùn náà ti sọ àìsàn tí ó wà fún, ẹni tí kò gbọdọ̀ lò ó, iye tí ènìyàn yóò lò, ìgbà tí yóò lò ó, àti ohun tí ó lè ti ìdí rẹ̀ yọ. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì sábà fi ń kọ ọ́, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní Ìlọrin, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní agbègbè Ọjà Ọba àti Ìpàtà, ẹlòmíràn ni ó máa ń bá ọ̀pọ̀ aláìsàn kà á, tí yóò sì sọ ọ́ fún wọn ní ṣókí. Ẹni náà lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn, ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé tí ó mọ̀wé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìwé ìlàlóye yìí fún.

Oògùn ibà tí wọ́n pa atẹmítà àti lumẹfantirínì pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé láti ọdún 2005 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ kulorokúìnì kúrò ní ipò oògùn àkọ́kọ́ fún ibà tí kò le, tí ó sì fi àwọn oògùn alámùúpọ̀ rọ́pò rẹ̀, oògùn yìí wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ilé àwọn ènìyàn. Ó tún jẹ́ oògùn tí ọ̀nà tí à ń gbà lò ó ní kókó méjì tàbí mẹ́ta tí ìsọníṣókí aláìbìkítà máa ń gbé mì.

Agbára hóró àti iye hóró

Agbára hóró ni ìwọ̀n oògùn gan-an tí ó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù sì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ojú páálí bá gbé 20/120, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mílígíráàmù 20 atẹmítà àti mílígíráàmù 120 lumẹfantirínì ni ó wà nínú hóró kan. Bí ó bá sì gbé 80/480, hóró kan ṣoṣo ti di hóró 4 ti àkọ́kọ́. Àgbàlagbà tí ó wọn kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò lo hóró 4 ti 20/120 lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ó lo hóró 1 péré ti 80/480. Ẹni tí ó bá wá kọ “àgbàlagbà, hóró mẹ́rin” láìkọ agbára hóró sí i kò purọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá ra páálí tí ó gbé 80/480 wálé, bébà rẹ̀ yóò mú kí aláìsàn gbé ìlọ́po mẹ́rin oògùn mì. Iye hóró tí kò ní agbára hóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n oògùn rárá.

Ìwọ̀n ara ọmọ ni ìwé àlàyé fi ń pín hóró 20/120 fún àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ó wọn kílò 5 ṣùgbọ́n tí kò tó 15 yóò lo hóró 1 lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó wọn 15 tí kò tó 25 yóò lo hóró 2, ẹni tí ó wọn 25 tí kò tó 35 yóò sì lo hóró 3. Ọmọ tí kò tó kílò 5 kò sí nínú ìpín yìí, ọ̀dọ̀ dókítà ni ti ẹ̀ sì wà. Ọjọ́ orí lásán kò tó láti fi díwọ̀n, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́ta méjì lè bọ́ sí ìpín ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ìsọníṣókí ní láti rí i pé wọ́n gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n kí ó tó kọ ohunkóhun.

Ọmọ oníkílò 17

Kí á gbà pé ọmọ kan wọn kílò 17, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà wà lára rẹ̀, wọ́n sì fún ìyá rẹ̀ ní hóró 20/120. Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà yóò gbọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ni “hóró méjì láàárọ̀, hóró méjì lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta”. Ó dùn ún sọ, ó sì rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé pé ìwé àlàyé ya ọjọ́ kìíní sọ́tọ̀: wákàtí 8 lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́ ni ìlò kejì, kì í ṣe wákàtí 12. Ó gbàgbé oúnjẹ, kò sì sọ ohun tí ìyá yóò ṣe bí ọmọ bá bì. Ìsọníṣókí tí ó péye fún ọmọ yìí lè rí báyìí:

“Oògùn ibà, hóró 20/120. Ọmọ oníkílò 17. Hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 6, àpapọ̀ rẹ̀ hóró 12. Àtìní: aago 8 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Àtàláátà: aago 8 àárọ̀ àti aago 8 alẹ́. Àlàrùbá: aago 8 àárọ̀ àti aago 8 alẹ́. Kí ọmọ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní ọ̀rá tàbí mílíìkì. Bí ó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ fún un ní hóró 2 mìíràn. Bí ó bá tún bì í, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ lò ó tán, kódà bí ara bá ti fúyẹ́. Bí gìrì bá mú un, tí kò lè mu nǹkan, tí ó ń bì léraléra, tí mímí rẹ̀ le, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró kí oògùn tán, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá sú, tí ojú, ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀.”

Kò sí orúkọ kòkòrò nínú rẹ̀, kò sì sí ìtàn bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni ó ṣeé yọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ dúró nítorí pé ara kì í gba lumẹfantirínì dáadáa láìsí ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń pa ìyókù kòkòrò lẹ́yìn tí atẹmítà, tí ó ń yára ṣiṣẹ́ tí ó sì ń yára kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bá ti lọ. Ìdí kan náà ni ibà fi lè rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì láìtíì tán. “Lẹ́yìn oúnjẹ” nìkan kò tó, nítorí pé ògì lásán kò ní ọ̀rá. Ó sàn kí a dárúkọ ohun tí ó wà nílé, bí àkàrà, wàrà tàbí mọ́ínmọ́ín elépo. Ọmọ tí kò lè gbé hóró mì ńkọ́? A lè fọ́ ọ sínú omi ṣíbí kékeré kan tàbí méjì, kí ó mu ún tán, kí ó sì jẹun tẹ̀ lé e.

Gbólóhùn èébì náà ní ìṣòro kan tí ó fara sin. Hóró 12 péré ni wọ́n kó fún ìyá, nítorí náà bí ọmọ bá bì lẹ́ẹ̀kan, tí ìyá sì fi òmíràn rọ́pò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún un, ìlò ìkẹfà kò ní sí lọ́wọ́ mọ́. Ìsọníṣókí tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ yóò fi kún un pé kí ìyá padà wá gba hóró 2 ní ọjọ́ náà gan-an.

Aago 8 àárọ̀ kò sì ní bọ́ sí i fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá gba oògùn ní aago 2 ọ̀sán yóò lo ìkejì ní aago 10 alẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì tí ó kàn. Nínú oṣù Ràmádáànì, ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ aago béèrè bóyá àgbàlagbà tí ó ń gba oògùn ń gbààwẹ̀, kí ó sì rán an létí pé ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè láti ṣínu kí ó sì san án padà, nítorí pé ìlò ti wákàtí 8 sábà máa ń bọ́ sí ojú ọ̀sán.

Ìkìlọ̀ tí kò gbọdọ̀ dẹ̀

Oríṣi ìkìlọ̀ méjì ni ó wà nínú ìwé àlàyé, àdàpọ̀ wọn sì ni àṣìṣe tí ó burú jù. Èkíní ni “má lò ó”, èkejì sì ni “kọ́kọ́ sọ fún dókítà”. Oògùn yìí kò sí fún ibà líle, kò sí fún ẹni tí ó ti gbòdì lára rẹ̀ rí, kò sì sí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù dọ́gba tàbí tí ènìyàn ti kú lójijì nínú ẹbí rẹ̀ nítorí àrùn ọkàn. Bí ìsọníṣókí bá sọ èyí di “kí alárùn ọkàn ṣọ́ra”, ó ti sọ èèwọ̀ di ìmọ̀ràn.

Orúkọ oògùn tí kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró ní kíkún. “Má ṣe lò ó pẹ̀lú àwọn oògùn kan” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n “má ṣe lò ó bí o bá ń lo rifampísìnì fún ikọ́ ife, tàbí kabamasẹpíìnì tàbí fẹnitọ́ìnì fún wárápá” jẹ́ ohun tí aláìsàn lè fi wé ojú páálí tí ó wà nílé, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ń dín agbára oògùn ibà náà kù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ààyè bá há, ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí a béèrè lọ́wọ́ aláìsàn, kí a sì yọ ìkìlọ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ ti fi hàn pé kò kàn án. Kí a yọ ọ́ láìbéèrè ni kò ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ aláboyún gba ọgbọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé tí ó ṣì wà nínú páálí sọ pé kí obìnrin tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ yẹra fún oògùn yìí, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022 Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún wọn nígbà tí ibà kò bá le. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣe ìsọníṣókí láti pa ìwé rẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti dẹ́rù ba aláboyún débi tí yóò fi fi ibà sílẹ̀ láìtọ́jú. Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Bí oyún bá wà, tàbí bí a bá fura pé ó wà, sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lónìí kí o tó lò ó.”

Àyẹ̀wò kí bébà tó kúrò lọ́wọ́

Iye hóró lẹ́ẹ̀kan ní ìlọ́po 6 gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ tí a kọ dọ́gba, àpapọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bá hóró tí ó wà nínú páálí mu. Bí kò bá bá a mu, a ti ṣi ìpín kan wò tàbí a ti kó oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ aago tí yóò lo ìkejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí a fi bébà náà mọ́ ara páálí pẹ̀lú ìwé àlàyé gan-an nínú rẹ̀, nítorí pé ìsọníṣókí kò gba ipò rẹ̀, àti pé bí ohun àjèjì bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, ilé ìwòsàn tí yóò fi tó NAFDAC létí yóò béèrè orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti nọ́ńbà ìpín tí wọ́n ṣe é, ojú páálí sì ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ oògùn sí orúkọ mìíràn tàbí agbára hóró mìíràn, kí wọ́n fa bébà àtijọ́ ya, kí wọ́n sì kọ tuntun.