Ta Ló Kọ 9 Sínú R3?

Mo kọ 20 sínú R3, mo kà á padà, 20 náà ni. Mo wá kọ 5 sínú R1, mo kọ 9 sínú R2. Nígbà tí mo padà wo R3, 9 ni mo bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń fa wáyà yọ, tí mo ń kì í bọ̀ ọ́ padà, kí n tó mọ̀ pé kò sí wáyà tó já. Ètò tí mo tò gan-an ló ní àléébù.

Rẹ́jísítà ni àpótí kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó nọ́ńbà tó ń lò lọ́wọ́ sí. Mẹ́rin ni mo tò sórí pátákó oníhò, láti R0 dé R3. Ṣíìpù 74HC377 kan ni àpótí kọ̀ọ̀kan, ó gba bíìtì 8, ìyẹn ni pé nọ́ńbà èyíkéyìí láti 0 dé 255 lè wọ inú rẹ̀. Wáyà mẹ́jọ tó ń gbé nọ́ńbà wọlé kan àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ohun tí a fẹ́ fún ọ̀kan, gbogbo wọn ló ń rí i. Ọ̀nà tí ẹyọ kan ṣoṣo yóò fi gbà á ni a gbọ́dọ̀ wá.

Iṣẹ́ díkódà nìyẹn. Ìlàjì ṣíìpù 74HC139 tó fún un. Wáyà àdírẹ́sì méjì ló ń wọ inú rẹ̀, mẹ́rin ló ń jáde. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ 10, wáyà tó lọ sọ́dọ̀ R2 yóò wálẹ̀ sí 0, àwọn mẹ́ta yòókù yóò dúró sí 1. Díkódà náà tún ní ẹsẹ̀ ìyọ̀nda tirẹ̀: bí a kò bá fẹ́ kọ nǹkan kan, a óò gbé e sí 1, kò sì ní pe ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo so wáyà tó jáde láti inú díkódà mọ́ ẹsẹ̀ agogo àwọn rẹ́jísítà. Lójú mi, ẹni tí a bá pè ni agogo yóò lù fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdírẹ́sì ń kúrò ní 01 bọ̀ sí 10, wáyà méjèèjì kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́lẹ́. Bí èyí tó ń gòkè bá ṣáájú èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, díkódà yóò rí 11 fún ìwọ̀n tí kò tó ìṣẹ́jú. Bí àṣẹ kíkọ bá ti dé ní àkókò yẹn, wáyà R3 yóò wálẹ̀, yóò tún gòkè. Gígòkè yẹn gan-an ni 74HC377 kà sí ìlù agogo, 9 tó wà lórí wáyà sì wọlé sọ́dọ̀ R3. Ojú kò lè rí ìṣẹ́jú náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ kò lọ mọ́.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ kìíní 74HC377 ní ẹsẹ̀ ìyọ̀nda. Agogo kan ṣoṣo ni ó yẹ kó lù fún gbogbo wọn, kí wáyà díkódà lọ sí ẹsẹ̀ ìyọ̀nda yìí. Nígbà tí agogo bá lù, ẹni tí ìyọ̀nda tirẹ̀ wà ní 0 nìkan ni yóò gba nọ́ńbà. Díkódà lè ṣìnà díẹ̀ láàárín ìlù méjì, kò ba nǹkan kan jẹ́, bí ó bá ṣáà ti fara balẹ̀ kí ìlù tó kàn tó dé.

Kíkà kò ní ìdààmú báyìí, wáyà ló pọ̀ níbẹ̀. Mọ́típlẹ́sà ló ń ṣe é: ó ń gba bíìtì kan láti ọ̀dọ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí a yàn kọjá. Ṣíìpù 74HC153 kan ní méjì nínú, nítorí náà bíìtì 8 gba ṣíìpù mẹ́rin. Àmọ́ ìṣirò ń fẹ́ nọ́ńbà méjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì di mẹ́jọ. Àpótí kò ju mẹ́rin lọ, ohun tí a fi ń kà á sì jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká fi R1 àti R2 kún ara wọn, ká dá èsì padà sínú R1. Ọ̀nà ìkàwé kìíní yan 01, ó mú 5 jáde. Èkejì yan 10, ó mú 9 jáde. Ẹ̀rọ ìròpọ̀ fi 14 hàn. Agogo lù, 14 wọ R1. Lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ̀rọ ìròpọ̀ ti ń fi 23 hàn, nítorí 14 àti 9 ló ń rí báyìí, ṣùgbọ́n 23 kò lè wọlé àfi tí agogo bá tún lù. Ṣíìpù 74LS670 tó kó àpótí mẹ́rin sínú ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àṣẹ kíkọ bá wà, nítorí náà èsì yóò máa sáré yípo títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú èsì dúró níbòmíràn.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ má ṣe fi R0 àti R3 nìkan dán an wò. Bí wáyà àdírẹ́sì ìkàwé méjèèjì bá gba ipò ara wọn, 00 ṣì jẹ́ 00, 11 ṣì jẹ́ 11, àwọn méjèèjì yóò sì dáhùn dáadáa. R1 àti R2 ni yóò máa jẹ́ orúkọ ara wọn. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.