Ìdíje ìwé kíkà: kí ló yẹ kí lẹ́tà sí òbí sọ?

Ká ní olùkọ́ kíláàsì kẹta kan ní Òkè-Oyì, níhà Ìlọrin, fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí nípa ìdíje ìwé kíkà ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rù tó máa kọ́kọ́ ba ẹlòmíì ni pé wọ́n fẹ́ sọ òun di tíṣà. Bàbá tí kò kàwé á ká lẹ́tà náà, á tì í sápò, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò ju kó jókòó kó gbọ́ lọ. Láàárín 1976 sí 1978, ní Haringey ní Lọ́ńdọ̀nù, olùwádìí Jack Tizard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọdé máa gbé ìwé lọ sílé láti kà fún òbí wọn. Àwọn òbí kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míì kò mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí tẹ̀ síwájú ju àwọn tí olùkọ́ ń kọ́ ní àfikún ẹ̀kọ́ nílé ìwé.

Ohun tó yẹ kí lẹ́tà náà fi ṣáájú nìyẹn:

“Ẹ̀yin òbí wa, a kí yín o. Láti Àtìní tó ń bọ̀, ọmọ yín á máa mú ìwé wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kà á sí yín létí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá nígbà tó bá ti ilé kéwú dé. Bí ẹ kò tiẹ̀ mọ̀wé, ẹ ṣáà gbọ́. Ẹni tó gbọ́ ni kó buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kó tẹ̀ka sí i. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ráàyè, ẹ fi àyè ọjọ́ náà sílẹ̀ lófìfo. Kò sí ìyà níbẹ̀.”

Ìwé àkọsílẹ̀ náà kò ju abala kan tí wọ́n fa ìlà sí lọ: ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú ìwé, ọ̀rọ̀ tó le, ìbuwọ́lù. Ọmọ ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá ló kà, etí ìyá tí kò kàwé pàápàá tó láti ṣe olùkọ́. Bí ọmọ bá ka “ọpọlọ fò sínú odò”, ìyá á ní, “Ọpọlọ ké? Tún un kà.” Ọmọ á wá rí àmì tó fò, á kọ “ọ̀pọ̀lọ́” sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó le. Tí ọ̀rọ̀ kan náà bá yọ nínú ìwé ọmọ púpọ̀, olùkọ́ ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀la.

Nínú ìdíje náà, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọmọ ni kí wọ́n fún ní máàkì, kì í ṣe iye ìwé. Iye ìwé a máa lé ọmọ lọ sídìí ìwé tó tín-ín-rín jù, ọmọ tí ìwé kún ilé wọn ló sì máa gba ẹ̀bùn. Èrú kò ní ṣàì wọ̀ ọ́ ṣá. Ìbuwọ́lù ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi báírò kan náà kọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, àárọ̀ Jímọ́ ni wọ́n kọ ọ́. Mi ò rò pé ó yẹ ká tìtorí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Kí olùkọ́ ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀, kó fọwọ́ bo àwòrán rẹ̀, kó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín pé, “Kà á láti ibí.” Ọmọ tó kọ́ ọ sórí á fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ń kọsẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ìwé yẹn ti le jù fún un, kí wọ́n fún un ní èyí tó rọrùn kó tó lọ sílé.