Bí Ìyípadà Kékeré Lọ́jà Ṣe Ń Di Ńlá Ní Ilé-iṣẹ́

Nínú òwò ìlédìí ọmọ ni ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ti ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí: iye tí àwọn ọmọ ń lò kì í yí padà púpọ̀, síbẹ̀ iye tí àwọn alágbàtà ń béèrè ń lọ sókè-sódò.

Ká ní onísọ̀ kan ń ta páálí 100 lọ́sẹ̀, tí onísọ̀, alágbàtà àti ilé-iṣẹ́ sì ń tọ́jú ọjà ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí títà bá di 110, onísọ̀ á béèrè 130: 110 dípò èyí tó tà, 20 láti fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Alágbàtà kò rí 110 yẹn. 130 ló rí, òun náà á béèrè 190. Ilé-iṣẹ́ á wá ṣe 370. Lọ́sẹ̀ kejì, títà ṣì wà ní 110, ṣùgbọ́n ìbéèrè alágbàtà á já sí 70, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe màgòmágó.

Oògùn tó lágbára jù ni kí ilé-iṣẹ́ máa rí iye tí onísọ̀ tà gan-an. Ẹ̀dínwó òjijì tó ń mú kí àwọn èèyàn rà kó pamọ́ náà yẹ kó dín kù. Nígbà ọ̀wọ́n, kí wọ́n fi títà àtẹ̀yìnwá pín ọjà, torí ẹni tó mọ̀ pé ìdajì ni wọ́n á fún òun á béèrè ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, bí ẹrù bá ń pẹ́ lọ́nà, ìṣòro yìí kì í tán pátápátá.