Kí A Tó Pa Ìlànà Òwò Kan Tì

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 2007, àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn yan ṣíà tí wọn yóò rà àti èyí tí wọn yóò tà, bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù owó ńláńlá. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọjà lásán kò lè fura, nítorí lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ńṣe ni ọjà lápapọ̀ ń gòkè.

Andrew Lo àti Amir Khandani ti yunifásítì MIT tú ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà. Wọ́n mú ìlànà kan tí kò díjú rárá, tí Lo ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ láti ọdún 1990: ra ṣíà tó já wálẹ̀ lánàá, ta èyí tó gbówó lórí lánàá, kí o sì tún un ṣe lọ́la. Nígbà tí wọ́n fi ìlànà yìí wo ọ̀sẹ̀ náà, ó pàdánù ìdá 1.16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ keje, ìdá 2.83 lọ́jọ́ kẹjọ, àti ìdá 2.86 lọ́jọ́ kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó jèrè ìdá 5.92 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá pa irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ti gba gbogbo àdánù náà sára, kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bá padà wá.

Ohun mìíràn wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kó kan oníṣòwò ju ọjọ́ mẹ́rin wọ̀nyẹn lọ. Lọ́dún 1995, ìlànà yìí kan náà ń mú èrè ìdá 1.38 nínú ọgọ́rùn-ún wá lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, láì tíì yọ ìnáwó kúrò. Nígbà tó fi máa di 2007, ìdá 0.13 péré ló kù. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí pé ọjọ́ yìí ló bàjẹ́. Èrè ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń lò ó sì ń yá owó kún owó wọn kí iye tó ń wọlé lè tó ti àtẹ̀yìnwá. Àdánù ọjọ́ mẹ́ta dẹ́rù bà wọ́n, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá tí èrè fi ń jò lọ ló jẹ́ ẹ̀rí pé ìlànà ti ń gbó.

Iṣẹ́ tó wà níwájú ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó iye tó retí nìyẹn: kó mọ èyí tó jẹ́ ìjì tí yóò kọjá, kó sì mọ èyí tó jẹ́ òpin. Kó tó lè dáhùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ iye tó ń retí gan-an wò. Kí oníṣòwò tó fi owó sórí ìlànà, ó máa ń kó àkọsílẹ̀ iye ọjà ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, yóò ní kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé wọ́n ti ń lo ìlànà náà látìgbà yẹn, yóò sì rí iye tí ì bá ti jẹ. Ìdánwò orí àkọsílẹ̀ nìyí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó dán ọgọ́rùn-ún ọ̀nà wò tó sì mú èyí tó dára jù ti mú oríire mọ́ ọgbọ́n láì mọ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Quantopian, ilé-iṣẹ́ kan ní Boston, yẹ ìlànà 888 wò lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé ìwọ̀n èrè sí ewu tí ìdánwò fi hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá sì ṣe tún ìdánwò ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń gé ìlérí ìdánwò sí ìdajì kí wọ́n tó fi náírà tàbí dọ́là kan sí i. Ẹni tí kò gé e yóò máa rò pé ìlànà rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ká wá mú oníṣòwò kan tó ti gé ìlérí tirẹ̀. Ó ń retí èrè ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó sì mọ̀ pé èrè ọdún kan lè fì sókè tàbí sódò ní ìwọ̀n ìdá 10. Lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, ó yẹ kó ti rí ìdá 18. Ìdá 3 ló rí. Ìdá 15 ti sọnù, ìyàwó ti ń béèrè, ọkàn òun náà kò sì balẹ̀ mọ́.

Ohun tó wà lókè pátápátá nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé kó padà sórí kọ̀ǹpútà, kó fi ìlànà náà, láì yí ohunkóhun padà, wo oṣù méjìdínlógún yìí gan-an, kó sì fi òwò tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun ì bá ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣe ní tòótọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ya àìsàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òwò méjèèjì kò bá bára mu, tí kọ̀ǹpútà ra ohun tí kò rà, àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tàbí nínú àkọsílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò ní orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé, kó jẹ́ pé kìkì àwọn tó yè ni ìdánwò ń rà. Bí wọ́n bá bára mu, tí kọ̀ǹpútà náà sì rí ìdá 3, ìlànà tàbí ọjà ló yí padà. Bí wọ́n bá bára mu ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà rí èrè tó dára, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni owó ti ń bọ́ sílẹ̀.

Ti oníṣòwò wa yìí, ìdá 15.6 ni kọ̀ǹpútà rí.

Ó wá ṣí ìwé òwò rẹ̀, ó mú ṣíà kan tó rà. Nígbà tí ìlànà pinnu láti rà á, 50 dọ́là ni iye rẹ̀. Ìdánwò gbà pé sẹ́ǹtì 2.5 ni yóò bọ́ lọ sí owó alágbàtà àti ìyàtọ̀ iye, ìyẹn ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n iye tí ọjà fi parí ní ìrọ̀lẹ́ ni ìdánwò fi ń ra ọjà, nígbà tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni oníṣòwò lè rà á, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn tó rí ohun kan náà ti gbé iye rẹ̀ sókè. Sẹ́ǹtì 6 ló bọ́ lọ, ìdá 0.12. Bó ti ṣẹlẹ̀ nígbà rírà náà ló ṣẹlẹ̀ nígbà títà. Ní àlọ àti àbọ̀, ìnáwó fi ìdá 0.14 ju ohun tí ìdánwò kà lọ. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ ìlànà yìí máa ń rà tó sì ń tà nígbà 60 lọ́dún, gbogbo owó rẹ̀ ló sì ń lò nígbà kọ̀ọ̀kan:

```
60 × 0.14 = 8.4   (lọ́dún kan)
8.4 × 1.5 = 12.6  (ní oṣù 18)
```

Nínú ìdá 15 tó sọnù, ìnáwó ló jẹ 12.6. Ìdá 2.4 ló kù tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ oríire.

Ká ní ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi oríire ni, ì bá ti ṣìnà. Ìṣirò tí àwọn oníṣòwò máa ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n fi ìfì ọdún kan wá ìfì gbogbo àkókò tí wọ́n ti lò: `10 × √1.5 = 12.2`. Àlàfo ìdá 15 fi díẹ̀ ju ìfì kan lọ. Ìyẹn ni pé bí ìlànà náà bá ṣì pé, nínú ènìyàn mẹ́sàn-án tó ń lo irú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnì kan yóò rí èsì tó burú tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí náà kò tó láti dá ẹjọ́ ikú. Oníṣòwò ì bá ti ní òun ó mú sùúrù, ì bá sì ti máa san ìdá 8.4 lọ́dún fún ohun tí sùúrù kò lè wò sàn. Ìṣirò oríire wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìṣirò ìnáwó ni ipò rẹ̀.

Bí ìnáwó kò bá jẹ̀bi, tí oríire náà kò sì lè ṣàlàyé àlàfo, ìbéèrè tó kàn ni: ta ló ń san èrè yìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ìlànà Lo àti Khandani fi bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ hàn. Ẹni tó ń fi ìkánjú ta ṣíà ló ń sanwó fún ẹni tó dúró láti rà á. Kí ọdún 2001 tó dé, ìdá mẹ́rìndínlógún dọ́là, tó jẹ́ sẹ́ǹtì 6.25, ni ọ̀pọ̀ ṣíà fi ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ ní New York. Lọ́dún yẹn ni ọjà bọ́ sórí sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tí ẹni tó dúró ń jẹ fún, àwọn tó ń lo irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìyẹn kò ní padà. Ti oṣù Kẹjọ 2007 yàtọ̀. Lójú àwọn olùwádìí náà, ó jọ pé ẹni ńlá kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ní láti kó ọjà rẹ̀ dà sílẹ̀ ní kíá, tó sì ba iye ohun tí gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé jẹ́. Irú ìyẹn máa ń tán nígbà tí olùtà bá tà tán.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í ní oǹkà tó dájú, ibẹ̀ sì ni ènìyàn ti máa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, ó yẹ kí ààlà wà lákọsílẹ̀ kí òwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódì: wọ́n wo ìjábọ́ tó burú jù nínú ìdánwò, ká ní ìdá 14, wọ́n sì fi í ṣe ààlà. Ìdá 14 yẹn jẹ́ ti ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìtàn gbà. Bí àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kan náà bá tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́nà mìíràn, ìjábọ́ lè jẹ́ 20. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà da èsì ìdánwò pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó tún un tò nígbà 1000, kó sì wá ìjábọ́ tó jẹ́ pé ìgbà 50 péré ni èsì burú jù ú lọ. Òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Kí wọ́n dà á pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ọjọ́, nítorí ọjọ́ burúkú máa ń so mọ́ra wọn, bí ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ yẹn.

Nígbà tí àdánù bá dé ìdajì ààlà, àwọn oníṣòwò kan máa ń dín owó tó wà lórí ìlànà náà kù sí ìdajì. Bó bá kan ààlà gan-an, wọn á dá a dúró, wọn á sì máa bá a lọ lórí ìwé láì fi owó sí i, pẹ̀lú ìnáwó gidi tí wọ́n ti rí lójú ọjà. Bí yóò bá padà sẹ́nu iṣẹ́, àyẹ̀wò tí ìlànà tuntun máa ń là kọjá ni òun náà yóò là kọjá.

Oníṣòwò wa kò tilẹ̀ dé ààlà. Nígbà tó yọ ìdá 8.4 kúrò nínú 12, ìdá 3.6 ló kù lọ́dún, pẹ̀lú ìfì tó ṣì jẹ́ 10. Ó dá a dúró lóṣù náà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò òmíràn tí yóò máa rà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí yóò sì máa san sẹ́ǹtì 6 láti ìbẹ̀rẹ̀.