Ìtàdógún Kì Í Ṣe Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, púpọ̀ nínú yín ló ti bi mí léèrè ìdí tí ìgbìmọ̀ fi dá owó ìtanràn padà fún ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ojúsàájú ni. Kì í ṣe ojúsàájú rárá. Ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ èmi akọ̀wé yín, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Aṣọ ni ìyá náà ń tà, ọjà ìlú wọn ló sì máa ń ná. Ìtàdógún-ìtàdógún ni ọjà náà ń bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ ọjà aṣọ òfì ní Ọjẹ́ níbí nínú Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ìparí ọdún 2024, àpapọ̀ owó àti èlé jẹ́ ₦240,000. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ìtàdógún-ìtàdógún ni n ó máa san án, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí mo bá ti ń ti ọjà bọ̀.” Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù wa, àpótí mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀: ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, àti oṣooṣù. Mo wò ó, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù fún oṣù 12 jẹ́ ìgbà 24. Ìgbà 24 lọ́nà ₦10,000 jẹ́ ₦240,000 géérégé. Ìṣirò náà bá ara wọn mu débi pé inú mi dùn. Mo fa ìlà sí i, wọ́n tẹ̀ka, àwọn onídùúró méjì fọwọ́ sí i, ó parí.

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 dé oṣù kẹjọ, kò sí wàhálà. Ìgbà méjì-méjì ni wọ́n ń san án lóṣù. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n san. Ẹni tó ń kọ ìwé owó wa ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe: ó kọ ọ́ pé ìyá jẹ gbèsè ẹ̀ẹ̀kan, ó bu ìtanràn ₦1,000 lé e, ó sì kọ lẹ́tà sí àwọn onídùúró pé ẹgbẹ́ yóò di owó ìfipamọ́ wọn mú. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró yìí ń tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nígbà náà láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ. A dá tirẹ̀ dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ni ìyá bá wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Jẹ́ríkò, wọn ò tilẹ̀ jókòó. “Akọ̀wé, ọjà wo ni mo pa jẹ? Dárúkọ ọjà tí mo lọ tí n kò mú owó wá.” N kò rí ọ̀kan dárúkọ. Mo mú kàlẹ́ńdà, wọ́n ń ka ọjà lórí ìka, èmi ń fi bírò yí ọjọ́ náà po. Nígbà tí a ó fi parí, àṣírí mi ti tú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ìtàdógún, ẹ̀ẹ́ta dín ní ogún ni, ìyẹn 17. Ẹni tó gbọ́ èdè, tí kò mọ bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́, yóò kọ ọ́ pé ọjọ́ 17-17 ni. Òun náà ti ṣìnà. Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a sì tún ń ka ọjọ́ tó parí. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Kàlẹ́ńdà òyìnbó yóò sọ pé ọjọ́ 7 ló wà láàárín. Ọ̀rún-ọ̀rún ni wọ́n ń ṣe àwọn òrìṣà, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Ìkarùn-ún ni ìkínní tó padà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹta ṣe jẹ́ ọjọ́ méjì sẹ́yìn, tí ìdúnta sì jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn, kì í ṣe mẹ́ta. (Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọdún mẹ́ta sí fún ẹni tó ní ìdúnta lòun wọ ẹgbẹ́.) Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé àwọn Faransé náà máa ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á sì pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rún, ìsán tàbí ìtàdógún sórí kàlẹ́ńdà, kí ó kọ́kọ́ yọ ọ̀kan kúrò. Ọ̀rún di 4, ìsán di 8, ìtàdógún di 16. Ìgbà náà ni kó tó máa ṣe ìṣirò.

Ẹ wo ọjà ìyá yìí. Ó bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2025, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi 16 lé e, ó di ọjọ́ 18, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ tún fi 16 lé e, ó di ọjọ́ 3 oṣù kejì, ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ọjọ́ 19, Ọjọ́rú. Ẹ óò rí i pé ọjọ́ méjì-méjì ló ń fò nínú ọ̀sẹ̀. Nígbà tó bá di ìgbà keje tí ẹ ti fi 16 lé e, ọjọ́ 112 ti kọjá, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 16 gbáko, ọjà á sì padà sí Ọjọ́bọ̀. Lóòótọ́, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin tó jẹ́ ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀rí nìyí tí ẹ lè fi yẹ ìwé ìsanwó wò: bí ìgbà keje kò bá padà sí ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti ṣi ìṣirò ṣe.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí tó fi dé ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ. Fi 16 lé ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, ó di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Fi 16 mìíràn lé e, o ti bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ọjà kan ṣoṣo ló wà nínú oṣù kẹsàn-án! Ìyá kò pa ọjà kankan jẹ. Oṣù ló kéré fún ọjà méjì.

Ní gbogbo ọdún 2025, ọjà 23 ni wọ́n ná, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kejìlá. Fọ́ọ̀mù tèmi ń retí ìgbà 24. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ ọ́ tó pè é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìgbà 26 ni ìbá máa retí, ìyá ì bá sì ti di ajigbèsè kí oṣù kẹta tó parí. Bí a bá sì kọ ọjọ́ 17-17, ìgbà 22 ni, ṣùgbọ́n ìwé yóò máa rìn kúrò lára ọjà díẹ̀díẹ̀: ìsanwó karùn-ún ì bá bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù kẹta, nígbà tí ọjà ti tú láti ọjọ́ 7. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ìyá, ìṣirò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a kọ gbogbo ọjọ́ ọjà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ náà ni mo tún ti kọ́gbọ́n. Mo ti kọ ọjọ́ 3 oṣù kejì báyìí: 3/2. Ọmọ ìyá tó wà ní Améríkà, tó máa ń bá wọn fi owó ránṣẹ́, ka ìwé náà sí ọjọ́ 2 oṣù kẹta, nítorí pé oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ju 12 lọ kì í da ènìyàn láàmú, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Àwọn ọjọ́ kékeré ló ń tanni. Láti ìgbà náà, orúkọ oṣù ni mo ń kọ, n kì í kọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ìpàdé náà jọ ọ́. Bí ìlànà bá ní kí a fún yín ní ọjọ́ méje, tí ẹ gba ìwé ní Ọjọ́bọ̀, Òfin Ìtumọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ kì í ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ keje á bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kejì. Ẹni tó bá kà á bí a ti ń ka ọjọ́ nílé, Ọjọ́rú ni yóò ti wá dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí ìlànà bá sì ní ọjọ́ méje gbáko láàárín, a kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ ìwé, a kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì ni ìpàdé lè yá jù.

Ti òru ni mo ní kí n fi kún un, nítorí àwọn tó pàdánù ọkọ̀ ìrìn-àjò wa. “Aago kan òru ọjọ́ Ẹtì” ni mo kọ. Lójú aago òyìnbó, ọjọ́ Ẹtì ti bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá òru, nítorí náà òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì ni. Àwọn kan nínú yín gbà pé ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́, kó ṣú, kí òru rẹ̀ tó dé. Wọ́n dé pẹ̀lú ẹrù wọn nígbà tí ọkọ̀ ti lọ láti àná. Láti ìsinsìnyí, ọjọ́ méjèèjì ni a ó máa dárúkọ: òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì.

Ìyá san ₦10,000 tó kù ní ọjà ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n gba ₦1,000 wọn padà, a sì ti tú owó àwọn onídùúró sílẹ̀. Àpótí kẹrin ti wà lórí fọ́ọ̀mù báyìí, “ọjọ́ ọjà” ni a kọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó mú ọjọ́ ọjà tó ná kẹ́yìn wá, ká jọ kà á lórí kàlẹ́ńdà kó tó tẹ̀ka. Àwọn tó ti tẹ̀ka sí “ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù” tẹ́lẹ̀ tó sì jẹ́ ọjà ìtàdógún ni wọ́n ń ná, ẹ mú ìwé yín padà wá sí ọ́fíìsì.