Bí Ẹjọ́ Gígùn Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Tó Lójútùú: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Oníṣòwò Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì tí ẹ ń dáná kí àkùkọ tó kọ ní Ìgándò, ẹ̀yin alásè Ìkọ̀tún tí ìkòkò yín kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà wẹ́wẹ́ láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akọ́wọ́njọ, ẹ̀yin lẹ ni ìwé kékeré yìí, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú yín tí kò ní ẹni tó ń kó ọjà fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń kó ọjà fún ni tí kì í já ni kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí ó bá já wa kulẹ̀ náà ni ẹnu wa máa ń yọ, tí a óò gbé fóònù, tí a óò sì rojọ́ títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ẹni tí a sì rojọ́ fún lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó má mọ ohun tí a fẹ́ kí òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì tẹ̀ lé e dé ìdí. Ìyá kan ní békìrì ní Ìgándò. Ó sanwó àpò fúláwà 40, oníwọ̀n kílò 50, fún Alájà tó ń tà á fún un, ní ₦60,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ já ọjà náà ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tú àpò kan, wọ́n pò ó, búrẹ́dì kò wú. Wọ́n yẹ ìyókù wò, wọ́n sì rí mẹ́ta mìíràn tó ti dì gbagidi nínú. Ohun tí ìyá náà kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ nìyí:

«Alájà, ẹ kú ojúmọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún yín. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín, mi ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ rí, síbẹ̀ èmi lẹ máa ń kó ìdọ̀tí fún. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe mí nígbà Iléyá èṣí. Dírébà yín ò bẹ̀rù Ọlọ́run, ó jẹ́ kí òjò pa fúláwà mi nítorí pé obìnrin ni mí. Gbogbo rẹ̀ ló ti dì. Búrẹ́dì mi ò wú, àwọn oníbàárà ti sá lọ, gbèsè ń lé mi kiri. Àpò gan-an ò pé. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Ọlọ́run á dá a.»

Kò sí irọ́ nínú ọkàn ẹni tó kọ èyí. Ohun tó ń dùn ún ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alájà, tí oníbàárà mẹ́wàá mìíràn ń dúró dè. Ọjà ọjọ́ wo? Àpò mélòó ló dì? Mélòó ni kò pé? Kí ni kí n ṣe, kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni àbí kí n dá owó padà? Kò sí èyí tí ó rí ìdáhùn sí. Ohun tí ó rí ni ẹ̀sùn pé òun ń rẹ́ obìnrin ẹgbẹ́ òun jẹ, èyí nìkan ni yóò sì fèsì sí. Bí ọ̀rọ̀ fúláwà ṣe ń di ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn, tí àpò mẹ́ta yòókù yóò sì wà nílẹ̀ tí yóò máa bu.

Ohun mẹ́ta ni kí a sẹ́ kúrò nínú ẹjọ́ gígùn yìí bí a ti ń fi asẹ́ sẹ́ fúláwà: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó bà jẹ́ fún wa, àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ló le jù, nítorí pé ohun tí a rí àti ohun tí a rò máa ń dì mọ́ra nínú ìbínú. Ìyá yìí kò sí nínú ọkọ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀. Kò rí i bí dírébà ṣe fi tápólì bo ọjà tàbí bí kò ṣe bò ó. Ohun tí ó rí ni pé ìdí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìlà omi, àti pé fúláwà inú wọn ti dì, ó sì ń rùn bí ilé tí a kò ṣí fèrèsé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kí ó kọ èyí tí ó rí. Bí Alájà bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́, dírébà rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni yóò bi í. Bákan náà ni «gbogbo rẹ̀ ló ti dì»: mẹ́rin ló dì nínú gbogbo ohun tó dé, bí Alájà bá sì rán ènìyàn wá tí ó bá mẹ́rin, ẹni tó sọ pé gbogbo rẹ̀ ni yóò di òpùrọ́ lórí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ta fúláwà yóò bi wá dandan, ìbéèrè náà kò sì burú: ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ tìrẹ ni omi ti wọ̀ ọ́? Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin, àpò tí a bá sì gbé lé e lásán yóò dì láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà kí a ti dáhùn kí wọ́n tó bi wá: a gbé àpò náà sórí pákó, kò sì lo ju òru kan lọ́dọ̀ wa. Kí a ya fọ́tò ìdí àpò, kí a ya nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kí a sì fi àwọn àpò tí a kò tíì tú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá ti da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìpòfúláwà kò ní ẹlẹ́rìí mọ́.

Ti àpò tí kò pé wá ńkọ́? Méjì ni kò pé. 38 ló dé. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ìyá náà ti buwọ́ lu wébìlì pé 40 ló gbà, ó dìgbà tí ọkọ̀ lọ kí wọ́n tó kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ fi èyí pamọ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà wébìlì náà wà lọ́wọ́ Alájà, bí ó bá sì fi hàn, ẹjọ́ àpò mẹ́rin tó dájú yóò bá ti méjì tí kò dájú lọ. Kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀: kí a béèrè èyí tí ẹ̀rí wà fún, kí a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ èkejì wò nínú ìwé ibi ìkẹ́rù wọn.

Nípa ohun tó bà jẹ́, ohun tí a lè fi rìsíìtì tì lẹ́yìn ni kí a kà. Ṣúgà, bọ́tà àti yíìsì tó bá àpò kan lọ jẹ́ ₦31,000, rìsíìtì rẹ̀ sì wà. Kí ó wọlé. Oníbàárà tó sá lọ, gbèsè tó ń lé ni, àti ti Iléyá èṣí, òótọ́ ni wọ́n lè jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọn iye wọn, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ìkíni ní tirẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ẹni tí kò kí Alájà kó tó wọ inú ọ̀rọ̀ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan tó.

Ohun tí a fẹ́ ni kí ó gbẹ̀yìn, kí ó ní iye, kí ó sì ní ọjọ́. «Ẹ wá nǹkan ṣe sí i» kì í ṣe ìbéèrè. Ẹni tí a sọ ọ́ fún lè fi sùúrù kan àti ẹ̀dínwó igba náírà ṣe «nǹkan» sí i. Ẹjọ́ náà wá di èyí:

«Alájà, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ fúláwà tí ẹ kó wá sí békìrì mi ní Ìgándò ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù 3, ni mo bá wá.

Àpò 40 ni mo sanwó rẹ̀. Mẹ́rin nínú èyí tó dé ti dì, ìlà omi sì wà ní ìdí wọn. Orí pákó la gbé wọn sí, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la sì ti rí i. A ti lo ọ̀kan kí a tó mọ̀. Mẹ́ta yòókù wà nílẹ̀ fún yín láti wò, mi ò gbà wọ́n. Fọ́tò àti rìsíìtì nìyí. Búrẹ́dì àpò kan bà jẹ́, ṣúgà, bọ́tà àti yíìsì inú rẹ̀ sì jẹ́ ₦31,000.

Mo fẹ́ kí ẹ fi àpò tuntun mẹ́rin rọ́pò, kí ẹ sì san ₦31,000 náà, kó tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù 3. Bí fúláwà kò bá sí nílẹ̀, kí ẹ dá ₦240,000 owó àpò mẹ́rin padà pẹ̀lú ₦31,000, àpapọ̀ ₦271,000.

Nígbà tí a kà á lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ, 38 la bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ mi ti buwọ́ lu 40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìwé ibi ìkẹ́rù yín wò. Ẹ ṣé o, mo ń retí yín.»

Kíkọ ni kí a kọ ọ́, kì í ṣe kí a fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Alájà lè fi èyí tí a kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rù rẹ̀ bó ṣe rí; ta ni yóò gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó bá nọ́ńbà kan nínú rẹ̀?

Gbólóhùn «mi ò gbà wọ́n» kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo. Òfin títa ọjà tí Èkó ń lò, èyí tí ìdí rẹ̀ wá láti inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, kò fi dandan mú ẹni tó kọ ọjà láti gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ó tó pé kí ó sọ fún un pé òun kò gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọjà náà kalẹ̀ kọjá àkókò tó tọ́ láìsọ nǹkan, a ó kà á sí ẹni tó ti gbà á. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, kò ka ẹni tó ra ọjà láti tún un tà tàbí láti fi ṣe ọjà mìíràn mọ́ oníbàárà. Nítorí náà ẹni tó ra búrẹ́dì jẹ lè gba ọ̀nà yẹn, ìyá oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn.

Bí ọjọ́ Ajé bá kọjá tí Alájà kò fọhùn, Ilé Ìlàjà Ará Ìlú, tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1999, yóò pe àwọn méjèèjì jókòó láìgba owó. Kóòtù gbèsè kéékèèké, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2018, ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú nìkan ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹni tó pẹjọ́ ti kọ ìwé béèrè owó náà sí ẹni tó jẹ ẹ́. Owó tí a ti san fún ọjà tí a kọ̀ súnmọ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Èrè tí a rò pé a ì bá jẹ kò sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìwé béèrè owó náà wà ní kóòtù, ohun tí wọ́n sì ní kí a kọ sínú rẹ̀, láti orí gbèsè dé orí iye rẹ̀, ìyá náà ti ní in nínú fóònù rẹ̀.