Minecraft yín ń fà lẹ́yìn tí ẹ fi ṣédà sí i? Ẹ wo òjìji kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà tuntun

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù Minecraft lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń pààrọ̀ àwọ̀ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n á tún fi ṣédà kún un kí oòrùn àti omi lè dà bíi ti gidi. Kò ní pẹ́, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti gbó. Ẹ má tíì náwó o. Ibi tí àwọ̀ ti ń dá kọ̀ǹpútà lágara yàtọ̀ sí ibi tí ṣédà ti ń dá a lágara.

Àyè ni àwọ̀ ń gbà. Ojú búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ àmì àwọ̀ kéékèèké 16 ní ìbú, 16 ní òró. Páàkì 32x sọ ọ́ di ìlọ́po 4, 128x sọ ọ́ di ìlọ́po 64. Bí àyè bá kún, géèmù á máa ta gìrì tí ẹ bá yíjú padà.

Iṣẹ́ ni ṣédà ń fà ní tiẹ̀. Gbogbo àwòrán tó bá jáde ló ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nítorí òjìji, ó tún ń ya ayé náà lẹ́ẹ̀kejì láti ibi tí oòrùn wà. Ìdí nìyẹn tí géèmù fi ń fà láìdáwọ́ dúró.

Lórí Java Edition, ẹ gbé Fabric sí i, kí ẹ wá kó Sodium àti Iris sínú fódà `mods`. Ẹ rí i pé ẹ̀dà wọn bá ti géèmù yín mu. Páàkì àwọ̀ ń lọ sínú `resourcepacks`, ṣédà sínú `shaderpacks`. Ẹ má tú fáìlì zip náà.

Ó kan ìdánwò. Ẹ pa VSync, torí ó máa ń dá iye náà dúró sójú kan. Ẹ dúró síbì kan, ẹ tẹ F3, kí ẹ wo iye fps. Ẹ fi àwọ̀ nìkan sí i, ẹ tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣédà kún un. Bọ́tìnnì K ló ń tan ṣédà, òun náà ló ń pa á.

Ká ní ẹ rí 90, lẹ́yìn náà 86, lẹ́yìn náà 22. Àwọ̀ kò jẹ̀bi, ṣédà ni. Ẹ wọ inú ètò ṣédà náà, kí ẹ kọ́kọ́ dín Shadow Distance kù. Bí kò bá tíì tó, ẹ mú Render Distance láti 16 wá sí 8: ilẹ̀ tí géèmù ń yà á kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ẹ máa wo fps lẹ́yìn àyípadà kọ̀ọ̀kan.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, tí iye náà kò sì gòkè, ẹ yọ ṣédà, ẹ fi páàkì 32x àti Sodium sílẹ̀. Ilé yín á ṣì rẹwà, géèmù á sì máa lọ geere.